Ìwé Ìfiṣẹ́sílẹ̀: Bí Fódà àti Òfin Outlook Ọ́fíìsì Ṣe Tò

Sí akọ̀wé tó ń gbaṣẹ́,

Ẹ kú ìmúra. Fódà mẹ́rin ló wà lábẹ́ Inbox: 01-Ọ̀gá, 02-Ìsanwó, 03-Ìpàdé àti 04-Ìròyìn. Ẹ má yọ nọ́ńbà iwájú wọn o, òun ló mú kí wọ́n tò bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rí àwọn òfin ní File > Manage Rules & Alerts. Láti òkè ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wá sísàlẹ̀, nítorí náà òfin ọ̀gá ni kó máa wà lókè pátápátá. Àmì wà lára "stop processing more rules" nínú rẹ̀. Bí àmì náà bá kúrò, ímeèlì ọ̀gá tó bá ní "ìnáwó" nínú àkọlé yóò wọ 02 pẹ̀lú, yóò sì di ẹ̀dà méjì.

Òfin ìpàdé máa ń dún létí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ (client-only) sí i. Bí Outlook kò bá sí ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà yìí, kò ní ṣiṣẹ́. Inú Inbox ni ìwé ìpàdé yóò dúró sí.

Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù ni 04. Ọ̀rọ̀ "unsubscribe" ni òfin rẹ̀ ń wá, ìwé owó àwọn oníbàárà tuntun sì lè ní in nísàlẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, kí gbèsè má bàa pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má pa fódà kankan rẹ́ kí ẹ tó tún òfin rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tẹ Run Rules Now, kí ẹ mú òfin kan ṣoṣo dánwò.