Ìbéèrè Kẹta: Ṣé ó yẹ kí òfin ìpìlẹ̀ dáàbò bo ẹ̀tọ́ aráàlú sí ìwòsàn, ilé, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́? Fi àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ mìíràn ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.

Ó yẹ, bí aráàlú bá lè gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí adájọ́ kò lè fọwọ́ kàn, a ti ní in ní Nàìjíríà láti 1979.

Orí Kejì òfin ìpìlẹ̀ 1999 kún fún ọ̀rọ̀ dídùn. Abala 17 ní kí ìtọ́jú ìlera tó péye wà fún gbogbo ènìyàn. Abala 18 ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Abala 6(6)(c) ni ó wá ti ilẹ̀kùn: ilé ẹjọ́ kò láṣẹ láti béèrè bóyá ìjọba tẹ̀lé Orí náà. Nínú ẹjọ́ Okogie ní 1981, ilé ẹjọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé Orí Kejì gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún Orí Kẹrin, níbi tí ẹ̀tọ́ tí a lè pẹjọ́ lé lórí wà.

Ẹni tí ó bá ti gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn lóru ní Abẹ́òkúta mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ san owó káàdì, kí o sọdá títì lọ ra ibọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti omi tí wọ́n máa fà sí i lára, nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Òfin ìlera 2014 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin tí ó ṣe é lè pa á rẹ́ pẹ̀lú ìbò lásán.

Ní Gúúsù Áfíríkà, inú òfin ìpìlẹ̀ 1996 gan-an ni wọ́n kọ irú ẹ̀tọ́ yìí sí. Àwọn alátakò a máa sọ pé adájọ́ á wá di akápò ìjọba. Ẹjọ́ Soobramoney ní 1997 kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín ọkùnrin náà ti bàjẹ́, ó sì fẹ́ kí ilé ìwòsàn ìjọba ní Durban máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò tó, ilé ẹjọ́ sì dá ìjọba láre. Ó dùn mí láti kọ ọ́, àmọ́ ó jẹ́ ẹ̀rí pé adájọ́ mọ ibi tí agbára òun mọ.

Ní 2000 ni ẹjọ́ Grootboom dé. Wọ́n ti lé àwọn ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀, wọ́n wó ahéré wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀rá bo orí lórí pápá eré ìdárayá ní Wallacedene. Ilé ẹjọ́ kò ní kí wọ́n kọ́ ilé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní ètò ilé gbígbé tí kò ní ohunkóhun fún ẹni tí kò ríbi sùn kò mọ́gbọ́n dání. Ní 2002, ó pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe fi oògùn nevirapine mọ sí ilé ìwòsàn díẹ̀, kí àwọn aboyún tó ní kòkòrò HIV lè rí i gbà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà ti ní òun á fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún márùn-ún, nítorí náà àwáwí owó kò dúró.

Ti Íńdíà sún mọ́ tiwa jù, torí pé àwọn náà ní ìlànà tí ilé ẹjọ́ kò lè fi dandan mú ìjọba ṣe. Àwọn adájọ́ wọn gba inú ẹ̀tọ́ sí ìyè wọlé. Ẹjọ́ Olga Tellis ní 1985 fi iṣẹ́ oòjọ́ kún ìyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò dá lílé àwọn tó ń sùn lẹ́bàá títì dúró pátápátá. Ní 2001, ilé ẹjọ́ ní kí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba máa fún ọmọ ní oúnjẹ sísè. Ní 2002, wọ́n sọ ẹ̀kọ́ ọmọ ọdún 6 sí 14 di ẹ̀tọ́ gidi nínú òfin ìpìlẹ̀.

Àtakò kan wà tí mo kà sí. Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ní 1955, Ọnàbánjọ sì tún ṣe é ní Ògùn lẹ́yìn 1979, láìsí adájọ́ kankan tó lé wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sábẹ́ gómìnà tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ECOWAS ti sọ ní 2010 pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ó lè pẹjọ́ lé lórí. Kò yẹ kó jẹ́ ilé ẹjọ́ tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè wa la ti máa gbọ́ ọ.

Nítorí náà, kí a tún abala 6(6)(c) ṣe, kí a fi ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú pàjáwìrì bẹ̀rẹ̀. Fún ìyókù, kí adájọ́ máa wo bóyá ètò ìjọba mọ́gbọ́n dání. Irene Grootboom, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹjọ́ ọdún 2000 yẹn, kú ní 2008 láì rí ilé gidi gbé, torí náà adájọ́ tó bá pàṣẹ gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ tí ìjọba máa padà wá jábọ̀.