Ètò ìjókòó àwọn àlejò ìgbéyàwó: tábìlì 4, èèyàn mẹ́fà-mẹ́fà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìmúra. Èyí ni ìwé tí ẹ máa lò lẹ́nu ọ̀nà ní Sátidé. Àlejò 23 la pè; nígbà tí mo ka ayàwòrán mọ́ wọn, wọ́n di 24, tábìlì kankan ò sì ní àga òfìfo. Ọkọ àti ìyàwó ò sí nínú ìwé yìí, wọ́n ní àyè tiwọn níwájú.

| Àga | Tábìlì 1: ilé ìyàwó | Tábìlì 2: ilé ọkọ | Tábìlì 3: àwọn ọ̀rẹ́ | Tábìlì 4: ibi iṣẹ́ àti aládùúgbò |
|---|---|---|---|---|
| 1 | Bàbá ìyàwó | Bàbá ọkọ | Túnjí | Ọ̀gá ìyàwó |
| 2 | Ìyá ìyàwó | Ìyá ọkọ | Yétúndé | Aya ọ̀gá |
| 3 | Ìyá àgbà | Bàbá àgbà | Dàpọ̀ | Àlàkẹ́ |
| 4 | Bàbá Kẹ́mi | Ìyá Ṣọlá | Fúnkẹ́ | Bàbá Láyọ̀ |
| 5 | Ìyá Kẹ́mi | Ṣọlá | Wálé | Ìyá Láyọ̀ |
| 6 | Kẹ́mi | Àǹtí Bísí | Rónkẹ́ | Ayàwòrán |

Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa kà á. Àwọn tó wà lórí ìlà kan náà kì í ṣe ara tábìlì kan. Bàbá ìyàwó àti Túnjí ò ní jókòó pọ̀. Àga 1 ló kọjú sí tọkọtaya. Ẹni tó bá wà níbẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni àga 2 wà, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe yí tábìlì ká.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pààrọ̀ àga Ìyá àgbà. Etí òsì wọn ò gbọ́ràn mọ́, ti ọ̀tún ló kù. Ní àga 3, ọwọ́ ọ̀tún wọn gan-an ni Ìyá ìyàwó máa wà, kò ní ṣòro fún un láti máa sọ ohun tó ń lọ fún wọn. Mo tún fẹ́ kí tábìlì yẹn jìnnà sí sípíkà. Nígbà tí a jọ jókòó nílé lọ́jọ́ ìjẹta, mo rí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín tán, ó dùn mí.

Bàbá àgbà ń fi ọ̀pá rìn. Kí tábìlì 2 sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí àyè tó gba èèyàn méjì sì wà lẹ́yìn àga wọn.

Àwọn ọ̀rẹ́ jẹ́ méje tẹ́lẹ̀, tábìlì 4 sì jẹ́ márùn-ún. Àlàkẹ́ ni mo gbé lọ, torí ọ́fíìsì kan náà lòun àti ọ̀gá ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti bá a sọ ọ́, ó sì gbà tọkàntọkàn.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ̀ bákan náà. Orúkọ tó bá gùn, ẹ jẹ́ kó bọ́ sí ìlà kejì, ẹ má sọ lẹ́tà rẹ̀ di kékeré. Àwọn àgbà ló máa kà á.

Ẹni tí kò bá wá, ẹ fi àga rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì mú àlejò tí a ò kọ sílẹ̀ wá, ẹ kọ́kọ́ pè mí.