Yàrá ọjọ́ 8 sí 11 oṣù kẹjọ ti kún, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀nyí ná

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Ìbejì, ẹ sì kú ìmúra ìrìn àjò.

Lánàá ni ìwé yín dé ọwọ́ mi. Yàrá mẹ́ta lẹ fẹ́, láti Ọjọ́bọ̀ 8 di Àìkú 11 oṣù kẹjọ, fún ẹ̀yin àti bàbá wọn, àwọn ìbejì, àbúrò yín àti Màmá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a ò ní yàrá kankan mọ́ fún ọjọ́ wọ̀nyẹn. Jímọ̀ 9 ni àṣekágbá ọdún Ọ̀ṣun, yàrá 11 péré sì ni gbogbo ilé wa. Láti oṣù kejì ni àwọn olórìṣà kan tó ń bọ̀ láti Bàhíà ní Bùràsíìlì ti gba mẹ́jọ nínú rẹ̀, wọ́n sì ti sanwó tán. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá. Àwọn oníròyìn gba méjì, ẹbí kan láti Ìbàdàn gba èyí tó kù.

₦60,000 tí ẹ ti fi ránṣẹ́ kí n tó dá yín lóhùn, mo ti dá a padà sí àkáǹtì tó ti wá láàárọ̀ yìí. Bí ẹ kò bá tíì rí i títí ọ̀la, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, n ó lọ bá wọn ní báńkì fúnra mi.

Ẹ béèrè bóyá a lè tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sí pálọ̀. Mo mọ̀ pé bí a ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn tí àlejò bá pọ̀, àmọ́ ẹ gbà mí láyè kí n kọ̀. Ilé ìwẹ̀ méjì péré ló wà nísàlẹ̀, àwọn àlejò á sì ti máa jí láti aago mẹ́rin ìdájí láti múra. Màmá àgbà kì í ṣe ẹni tí èèyàn máa tẹ́ sílẹ̀ síbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá.

Èyí tí mo rò pé ó dára jù fún yín ni kí ẹ dé ṣáájú. Mo ní yàrá mẹ́ta láti Ọjọ́bọ̀ 1 sí Àìkú 4 oṣù kẹjọ, ọ̀kan sì wà nísàlẹ̀, Màmá kò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni wọn yóò tan iná olójú mẹ́rìndínlógún láàfin. Iná náà á jó mọ́jú, Atáọ́ja á sì jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú àwọn olorì, àwọn ìjòyè àti àwọn olórìṣà. Kí n má purọ́, alẹ́ yẹn dùn mọ́ mi ju ọjọ́ Jímọ̀ àṣekágbá lọ. Èèyàn máa ń pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣì lè rí ojú ara yín, àwọn ọmọdé sì lè rí iná láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé wọn lé èjìká. Ohun kan ni ẹ kò ní rí: Arugbá. Ọjọ́ àṣekágbá nìkan ló ń gbé igbá lọ sódò. Bó bá jẹ́ pé òun gan-an ni àwọn ìbejì ń retí, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́, torí pé ẹkún wọn kò ní tán bọ̀rọ̀. Owó yàrá ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ ₦28,000 fún alẹ́ kan. ₦40,000 ni tọ́sẹ̀ àṣekágbá.

Tàbí kí ẹ jẹ́ kí ariwo kọjá lọ. Láti Jímọ̀ 16 sí Àìkú 18 oṣù kẹjọ, ₦28,000 kan náà la ó gbà fún alẹ́ kan, gbogbo yàrá tí ẹ bá fẹ́ ló sì wà. Igbó Ọ̀ṣun yóò ti dákẹ́ nígbà náà. Ẹ lè fara balẹ̀ wo àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tó bá a ṣiṣẹ́ gbé dìde, iṣẹ́ tó wà lára ohun tó mú kí UNESCO fi igbó náà sínú àwọn ohun ìní àgbáyé lọ́dún 2005. Lọ́jọ́ àṣekágbá, ẹ̀yìn orí èèyàn lẹ ó máa wò. Màmá lè jókòó létí odò bó bá ṣe wù ú. Kí àwọn ọmọ má mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání o, àwọn ọ̀bọ inú igbó yẹn kì í tọrọ, ṣe ni wọ́n ń já a gbà. Bí ẹ bá fẹ́ bu omi odò, ẹ bu ú, àmọ́ ẹ má mu ún. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ fún aráàlú nítorí ìdọ̀tí tí àwọn awakùsà ń dà sí i lókè.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ 8 sí 11 náà ni ìsinmi yín gbà, ẹ má torí tiwa pa ìrìn àjò yín tì. Mo ti pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ilé àlejò ní Ẹdẹ. Yàrá méjì tó tóbi ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ₦25,000 fún alẹ́ kan, ó sì lè fi bẹ́ẹ̀dì kékeré kún ọ̀kan fún àwọn ìbejì. Ó ti bá mi dá a dúró di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹdẹ kò jìnnà sí wa, àmọ́ ẹ kúrò níbẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù lọ́jọ́ àṣekágbá, torí pé wọ́n máa ń dí ọ̀nà tó lọ láti ààfin sí igbó, ẹsẹ̀ lẹ ó fi parí rẹ̀. Bí tibẹ̀ bá bọ́, ẹ wo Iléṣà. Ilé-Ifẹ̀ ló jìnnà jù nínú àwọn tí mo lè dárúkọ. Ilé àlejò pọ̀ níbẹ̀ nítorí yunifásítì, ẹ sì lè fi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn han àwọn ọmọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àmọ́ ẹ ó ní láti tètè jí gan-an ni o. Pẹ̀lú Màmá àgbà nínú ọkọ̀, Ẹdẹ ni èmi ìbá mú.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ẹnikẹ́ni lórí Fesibúùkù tó ní òun ní yàrá nílé wa fún ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, ẹ má san kọ́bọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àlejò wa kan rí, ó dé pẹ̀lú ẹrù tán, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Mo ti fi orúkọ yín sí yàrá mẹ́ta ti ọjọ́ 1 sí 4 di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta yìí. Ẹ kò ní san nǹkan kan títí ẹ ó fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó ní láti dá àwọn mìíràn tó ń béèrè lóhùn. Bó bá jẹ́ Ẹdẹ lẹ mú, ẹ sọ fún mi, n ó so ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ mi pọ̀. Mo tún ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún ọjọ́ 8 sí 11, bí ẹnì kan bá yẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fọkàn sí i, àwọn ará Bàhíà kì í yẹ̀ ẹ́.

Ẹ bá mi kí Màmá àgbà àti bàbá wọn. Ẹ bá mi kí Táíwò àti Kẹ́hìndé náà.

Èmi ni tiyín,
Bùkọ́lá
Alábòójútó ilé àlejò, Òṣogbo