Ẹ Kú Oríire Ọdún 40 Ìgbéyàwó Yín

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n,

Àwa ọmọ yín kí yín kú oríire ọdún 40 tí ẹ ti jọ ń gbé gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya.

Bàbá, ẹ kì í sùn ní alẹ́ tí Ìyá bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà, ẹ ó sì gba àpò lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun.

Ìyá, ní ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, ẹ̀ ń kọ ìnáwó ilé sínú ìwé kékeré kan, ẹ sì ń fi í hàn wọ́n lálaalẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ pinnu ohun tí a ó rà àti èyí tí a ó fi sílẹ̀. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Inú rẹ̀ ni àwa tí a ti ní ọkọ àti aya ti kọ́ bí a ṣe ń fi òótọ́ bá ẹnì kejì ẹni lò.

A dúpẹ́ gidigidi. Ẹ ó jọ dàgbà dògbó nínú àlàáfíà, ẹ ó sì jèrè ọmọ pẹ́.

Àwa ọmọ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin