Bá a ṣe ń lo sẹntirifúùjì àti maikirosíkóòpù ní láàbù wa

Ẹ̀yin ará láàbù, ìwé tí wọ́n kó mọ́ ẹ̀rọ méjèèjì, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ó sì ti wà lára ògiri látìgbà tí mo ti dé ibí, mi ò tíì rí ẹni tó dúró kà á rí. Mo ti wá kọ ọ́ bá a ṣe ń sọ ọ́ fúnra wa lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀rọ bíi POWER, START, STOP àti RPM, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n, torí ohun tẹ́ ẹ máa fojú rí náà nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu ni ibi tí wọ́n ti ní ká bálánsì rọ́tọ̀, mo kọ "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì" síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àìtíì wa kà á ó ní ṣé kí òun dín oúnjẹ kù ni. Mo yáa pa á rẹ́. "Kó dọ́gba" ni mo lò.

Sẹntirifúùjì

Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú tíúbù ọlọ́mọrí pupa, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 kó dì dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e sínú ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá kánjú, ẹ máa rí nǹkan kan tó ń fà bí okùn nínú sírọ́ọ̀mù, òun ló ń dí ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì gbọn tíúbù bí ẹni ń po ògì o. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti fọ́, potásíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì ti tú síta nìyẹn, dókítà á wá máa wò ó pé ara aláìsàn ni wàhálà wà, ọwọ́ wa ló sì ti wá.

Ó wá kan kó dọ́gba. Ihò mẹ́jọ ló wà nínú rọ́tọ̀ wa, 1 kọjú sí 5, 2 sí 6, 3 sí 7, 4 sí 8. Tíúbù yòówù tẹ́ ẹ bá fi síbì kan, ẹ fi irú ẹ̀ síbi tó kọjú sí i, kí oríṣi tíúbù náà bára mu, kí ohun tó wà nínú wọn sì ga bákan náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan péré lẹ ní, ẹ bu omi sínú tíúbù míì kó ga tó o, kẹ́ ẹ fi kọjú sí i. Ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi omi ṣe ìkẹrin. Ẹ má ṣe fi ìtọ̀ kọjú sí ẹ̀jẹ̀ kẹ́ ẹ ní ṣebí wọ́n ga dọ́gba, RPM tiwọn ò bára mu. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan kó tíúbù mẹ́ta sápá kan ó sì bá tirẹ̀ lọ síbi ìwé, kó tó padà dé sẹntirifúùjì ti rìn lórí tábìlì títí dé etí, wáyà rẹ̀ ló so ó ró tí ò fi já bọ́.

Ẹ pa ìdérí dé kó dún kọ́, ẹ tẹ POWER, ẹ ṣètò RPM àti ìṣẹ́jú, ẹ wá tẹ START. Ẹ̀jẹ̀ tá a fẹ́ fi ṣe kẹ́místìrì, 3000 fún ìṣẹ́jú 10. Ìtọ̀, 1500 fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ̀rọ kékeré tá a fi ń wo PCV yàtọ̀ o, 12000 nìyẹn fún ìṣẹ́jú 5, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ẹ má sì lọ da nọ́ńbà RPM láàbù míì kọ. Agbára tó ń fa nǹkan sísàlẹ̀ gan-an, ọwọ́ bí apá rọ́tọ̀ ṣe gùn tó ló wà, bá a ṣe ń ṣírò ẹ̀ rèé, r ni apá rọ́tọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, N ni RPM:

```
RCF = 0.00001118 × r × N²
```

Apá tiwa jẹ́ 15, torí ẹ̀ ni 3000 fi ń fún wa ní bíi 1500 g. Ẹ̀rọ tí apá ẹ̀ jẹ́ 10 máa ní láti yí tó bíi 3660 kó tó ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tàbí tó ń ké, STOP lẹ máa tẹ̀, ẹ má dúró wò ó bóyá ó máa tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹ má ṣí i títí tó fi máa dúró pátápátá, ẹ má sì fọwọ́ dá rọ́tọ̀ dúró, mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ pa POWER kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ lára ògiri lójú ẹsẹ̀, torí bí iná bá ń dé, ó máa ń wọlé tagbáratagbára ni.

Tí tíúbù bá fọ́ sínú ẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ ẹ má ṣí i fún ìṣẹ́jú 30 kí ohun tó fọ́n sínú afẹ́fẹ́ lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìbọ̀wọ́ méjì àti máàsìkì, ẹ fi ẹ̀mú kó ìfọ́ ìgò sínú àpótí sẹ́fítì, ẹ má fọwọ́ mú un. Jíìkì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́fà, ẹ fi nù ún kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wá fi omi ṣàn án kẹ́ ẹ sì fi sípíríìtì nù ún, torí Jíìkì ń jẹ irin.

Maikirosíkóòpù

Ọwọ́ méjèèjì lẹ fi ń gbé e, ọ̀kan ní apá ẹ̀, èkejì lábẹ́ ìdí ẹ̀. Lẹ́ǹsì 10 lẹ máa kọ́kọ́ fi wá nǹkan nígbà gbogbo. Tó bá jẹ́ ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tí a ò kùn, ẹ rẹ kọ́ńdẹ́ńsà sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì dín iná kù, iná tó bá ti pọ̀ jù, ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá á kàn pòórá lójú yín ni.

Tibà, ẹ jẹ́ kí sláìdì gbẹ dáadáa. Gíémsà 3% fún ìṣẹ́jú 45 sí 60, tàbí 10% fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 tí èrò bá pọ̀. Ẹ fi 10 wá ibi tó dáa, ẹ kán òróró ẹ̀kán kan, ẹ wá yí 100 wọlé, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wò ó bó ṣe ń wọlé, kẹ́ ẹ gbé kọ́ńdẹ́ńsà sókè, nọ́ọ̀bù kékeré nìkan lẹ máa fi tún un ṣe látìgbà yẹn lọ. 40 kì í fojú kan òróró! Ohun tó ń bà á jẹ́ jù nínú láàbù yìí nìyẹn, tẹ́ ẹ bá yí padà gba ibi 40 kọjá nígbà tí òróró ti wà lórí sláìdì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ẹ máa ní ojú ń ṣe bàìbàì.

Ẹ ò gbọdọ̀ kọ "kò sí" láìjẹ́ pé ẹ wo ojú ibi 100, kì í ṣe 20. Tó bá wà, ẹ ka kòkòrò títí ẹ máa fi ka sẹ́ẹ̀lì funfun 200. Tí kòkòrò ò bá pé 100 lásìkò yẹn, ẹ máa kà á lọ títí dé sẹ́ẹ̀lì 500.

```
kòkòrò × 8000 ÷ sẹ́ẹ̀lì funfun = iye tó wà nínú µl kan
```

Bíi 150 nínú 200, 6000 nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá parí, tíṣù lẹ́ǹsì lẹ máa fi nu 100, kì í ṣe etí kóòtù yín, kì í ṣe tíṣù ilé ìgbẹ́. Ẹ rẹ iná sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó bò ó. Tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, nǹkan funfun máa ń hù lójú lẹ́ǹsì, torí náà inú àpótí tó ní sílíkà jẹ́ẹ̀lì ló máa sùn, tí aró ara sílíkà náà bá ti di pípọ́n, ẹ yan án lórí iná kékeré kó padà di aró. Orúkọ ẹni tó yan án kẹ́yìn wà lára ìdérí àpótí, ó ti ju oṣù méjì lọ o, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ ka èyí bá wa yan án lónìí.