Ìwé ìfẹ̀sùnkàn lórí lọ́fínńdà àbùlà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi

Ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 2025

Sí ẹ̀yin tí ẹ ni ìsọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù yìí, mo ra ìgò lọ́fínńdà kan lọ́wọ́ yín lórí ayélujára, ìgò mílílítà 100. Nọ́ńbà ìrajà rẹ̀ ni 40718. Ó dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8. Ohun tó wà nínú ìgò náà kì í ṣe ohun tí ẹ pè é. Àbùlà ni, gbogbo àmì tí mo rí lára rẹ̀ sì jọ ti ayédèrú. Owó mi ni mo fẹ́ gbà padà.

Ìyá mi ni mo rà á fún. Lọ́fínńdà yìí ni wọ́n ti ń lò láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Tí wọ́n bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá láàárọ̀, òórùn rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n pé àádọ́rin ọdún ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n ṣí páálí náà lójú gbogbo wa, wọ́n fọ́n ọn sí ọrùn ọwọ́, wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n tún fọ́n ọn. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n rọra bi mí pé, "Àbí imú mi ló ti ń kú ni, ọmọ mi?" Mo gbóòórùn ọwọ́ wọn fúnra mi. Ọtí ló kọ́kọ́ gún mi nímú, òórùn òdòdó díẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí gbogbo rẹ̀ fi pòórá. Imú ìyá mi kò kú.

Nígbà tí mo kọ sí yín ní ọjọ́ Ajé yìí, ẹni tó dá mi lóhùn ní bí èèyàn bá ti ń lo lọ́fínńdà kan pẹ́, imú rẹ̀ kì í gbọ́ ọ dáadáa mọ́. Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò àtijọ́ ìyá mi ṣì wà, ohun tó kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Mo gé bébà funfun méjì, mo fọ́n ti àtijọ́ sí ọ̀kan, mo fọ́n tiyín sí èkejì, mo sì fi wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àtijọ́ ṣì ń ta sánsán nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Tiyín ti di bébà lásán kí wákàtí kan tó pé.

Òórùn nìkan kọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni pé oríṣi tó ki ni, èyí tí òróró olóòórùn inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìyókù sì jẹ́ ọtí àti omi díẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìgò méjèèjì sí ojú fèrèsé, ti àtijọ́ mọ́ gaara, tiyín rí bàìbàì bíi gíláàsì tí èèyàn mí sí. Ọtí ló ń mú òróró náà yòrò. Bí omi bá ti pọ̀ jù níbẹ̀, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọra sọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ á wá ṣú bẹ́ẹ̀. Mo sì rí ibi tí ẹni tó bu omi sí i gbà: irin ẹnu ìgò tó yẹ kó di ẹ̀rọ ìfọ́n mú pinpin ń yí lọ́wọ́ mi, ojú ibi tí wọ́n ti fi irin há a ṣì hàn, ó sì ń jò bí mo bá dà á dùbúlẹ̀. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi ń mọ ọjà tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò tilẹ̀ bára mu: 4K21 ló wà lára páálí, 2F08 ló wà ní ìdí ìgò. Ara ni wọ́n ń fọ́n nǹkan yìí sí o, kò sì sẹ́ni tó mọ irú omi tí wọ́n bù sí i.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń kó ọjà fún yín ló rẹ́ yín jẹ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo sanwó fún, ẹ̀yin lẹ sì kọ "ojúlówó" sí abẹ́ àwòrán rẹ̀.

Ẹ dá gbogbo owó náà padà, pẹ̀lú owó tí mo fi gbé ọjà, kó tó di ọjọ́ 19 oṣù yìí. N kò fẹ́ pààrọ̀, torí ibi tí èyí ti wá náà ni òmíràn yóò ti wá. Ẹ rán ẹni tí yóò gba ìgò náà, kí ẹ sì san owó rẹ̀. N kò fọ́n ọn mọ́, ó wà nínú páálí rẹ̀. Mo so àwòrán mẹ́fà àti fídíò kékeré kan mọ́ ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ èyí tó kù lórí àtẹ yín kúrò títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí n kò bá gbọ́ ohunkóhun títí ọjọ́ 19, màá ní kí báńkì mi gba owó náà padà lórí káàdì tí mo fi san án, màá sì fi ẹjọ́ sun àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, nọ́ńbà ìrajà 40718