Ìtọrọ Àfikún Ọjọ́ fún Orí Kẹta Iṣẹ́ Àpilẹ̀kọ Mi

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ sì kú wàhálà wa. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ 14, la jọ ṣàdéhùn pé n ó kó orí kẹta iṣẹ́ mi lórí èdè àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn wá fún yín. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi sún un sí Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù yìí. Àìsàn ló dá mi dúró.

Òru Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 30 oṣù tó kọjá, ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo rò pé ibà lásán ni, mo lo oògùn ibà, àmọ́ inú ń run mí, èébì ò sì dúró. Nígbà tó di Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní tàífọ́ọ̀dù ni. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6, ni wọ́n tó yọ omi lọ́wọ́ mi tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo ṣì ń lo oògùn, dókítà sì ní kí n sinmi títí di ọjọ́ 20. Ìwé rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mi ò tètè sọ fún yín. Mi ò lè di fóònù mú lọ́jọ́ wọ̀nyẹn.

Ẹni 14 ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lórí sányán, ẹtù àti àlàárì. Mo ti da ọ̀rọ̀ ẹni 9 kọ kí àìsàn tó dé; ti ẹni 5 ló kù. Lánàá, mo jókòó ti ẹ̀kẹwàá. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, mo rí i pé ibi tí ìyá arànwú kan ti sọ “òwú,” “owú” ni mo kọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Orí mi ṣì ń fò lọ, etí mi ò mú ohùn dáadáa. Bí ohùn bá ṣì lórí kẹta, gbogbo ìtúpalẹ̀ orí kẹrin ló máa wọ́, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síwájú yín.

Mo ti fi ojú ìwé 17 tó ti parí ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí, ìyẹn apá tó sọ nípa àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ àti bí mo ṣe gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ lè máa yẹ ìyẹn wò ná. Mi ò béèrè pé kí ẹ sún ọjọ́ orí kẹrin. Mo ṣì máa bá a.

Tí ọjọ́ 28 bá pẹ́ jù fún yín, mà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ lè gbà, n ó sì gbìyànjú láti bá a.

Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Adétutù